Ọkùnrin Tí Kò Gba Bọ́tìnnì Pupa Gbọ́

Ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà, Àgádágodo ni tọmọdé tàgbà ń pe mẹkáníìkì àgbà. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá fi ọkọ òun sílẹ̀ nílé fọ́jọ́ méjì, yóò ti ìkòkò ọbẹ̀ pa, yóò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Wọn a rẹ́rìn-ín, òun kì í bá wọn rín in. Ìka méjì péré ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìka méjì yẹn ni baba náà fi ń kí ènìyàn, òun náà ló sì fi ń nà sí gbogbo ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe láì kọ́kọ́ tì í pa. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba yìí, ẹ̀rọ kì í rí Àgádágodo lára. Ènìyàn ló ń rí i lára.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, abẹ ẹ̀rọ ìpọṣẹ kejì kán. Ẹ̀rọ ọ̀hún tóbi débi pé màlúù mẹ́ta lè jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n máa tayò. Wẹ́dà ni yóò ki orí àti apá méjèèjì bọ inú rẹ̀ láti jó abẹ náà pọ̀, wẹ́dà yìí sì ni àbúrò ìyàwó Àgádágodo. Bí nǹkan bá ṣe é, ojú wo ni Àgádágodo yóò fi wọlé bá ìyàwó rẹ̀?

Lọ́fínńdà mánẹ́jà ló kọ́kọ́ dé, mánẹ́jà tẹ̀ lé e. Àlejò ńláńlá ń bọ̀ lọ́sàn-án. Nítorí tiwọn ló ṣe ní kí wọ́n kun gbogbo àpótí súìṣì lánàá kí wọ́n lè máa dán.

"Ẹ tètè o. Ẹ̀rọ ti dúró. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ bọ́tìnnì pupa."

"Ẹ̀yin tẹ̀ ẹ́ sà, ẹlòmíràn á tú u. Bọ́tìnnì yẹn kì í gé iná. Ó kàn ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó dúró ni."

"Ṣebí ẹ lè gbé páálí ìkìlọ̀ kọ́ ọ."

"Páálí kì í di ènìyàn lọ́wọ́ mú, sà," ni Àgádágodo fèsì.

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kí ẹ tó wá kọ́kọ́rọ́ rí, mo ti ṣe tán."

"Ó yá, ki orí bọ̀ ọ́ kí n wò ẹ́."

Wẹ́dà ò ki orí bọ̀ ọ́.

Àgádágodo sọ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà pé òun fẹ́ tì í pa. Ó lọ sídìí àpótí tí wọ́n kọ "Ẹ̀rọ Kejì" sí, ó fa súìṣì wálẹ̀, ó fi àgádágodo kọ́ ọ, ó so páálí orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, ó ki kọ́kọ́rọ́ bàpò. Ó ní kí wẹ́dà fi tirẹ̀ kọ́ ọ.

"Tiyín ò tó àwa méjèèjì ni?"

"Bí mo bá gbàgbé pé o wà níbẹ̀, tí mo ṣí tèmi ńkọ́?"

Wẹ́dà ń kùn, ó fi tirẹ̀ kọ́ ọ. Àgádágodo lé gbogbo ènìyàn kúrò nítòsí, ó tú bọ́tìnnì pupa, ó tẹ èyí tó ń tan ẹ̀rọ.

"Ẹ tì í pa tán, ẹ tún fẹ́ tan án!" Mánẹ́jà pòṣé. "Irú ayẹyẹ wo rèé?"

Ẹ̀rọ bú ramúramù. Abẹ tó kán ń gbá inú rẹ̀ bí ẹni ń fi òòlù lu àgbá. Àgádágodo sáré pa á. Wẹ́dà fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó tún fọwọ́ kan èjìká méjèèjì, bí ẹni ń yẹ ẹrù wò bóyá ó pé.

Àgádágodo tọ wáyà láti ara ẹ̀rọ náà. Àpótí tí wọ́n kọ "Ẹ̀rọ Kẹta" sí ló já sí. Àwọn akunlé ti yọ orúkọ kúrò lára gbogbo àpótí kí wọ́n lè kùn wọ́n, wọ́n wá lẹ àwọn orúkọ náà padà bó ṣe wù wọ́n.

"Orúkọ lásán mà ni," ni mánẹ́jà wí.

Àgádágodo fọwọ́ bo imú, ó kẹ̀yìn sí i. Kì í ṣe lọ́fínńdà nìkan ló fà á.

Wọ́n kó àgádágodo méjèèjì lọ sí àpótí tó yẹ, wọ́n fa súìṣì ibẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n kọ́ ọ. Àgádágodo tún tẹ bọ́tìnnì tó ń tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò mira. Ó kọ́kọ́ fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò kan wáyà tí iná wà lára rẹ̀ kó lè mọ̀ pé mítà ń ṣiṣẹ́, ó fi kan ti ẹ̀rọ náà, kò sí iná, ó tún padà fi kan ti àkọ́kọ́ láti rí i pé mítà ò tíì kú. Ó ku afẹ́fẹ́ inú páìpù tó ń gbé ìdérí ẹ̀rọ náà sókè. Ó gbé ìdérí náà sókè, ó fi irin tì í lábẹ́ kó má baà já lulẹ̀, ó ti ẹnu páìpù pa, àwọn méjèèjì tún fi àgádágodo mìíràn kọ́ ọ, ó sì tú afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ dànù títí tí atọ́ka fi bọ́ sórí òdo. Ìgbà yẹn ló tó ní, "Ó yá, wọlé."

Wẹ́dà jó abẹ pọ̀, orí àti apá rẹ̀ jáde ní pípé.

"Ẹ ṣí i kíá," ni mánẹ́jà wí. "Àlejò ti wọ géètì."

"Mi ò ní ṣí i, sà, àfi tí mo bá fi mítà yẹ gbogbo àpótí wò, tí orúkọ kálukú sì padà síbi tó yẹ."

"Kọ́kọ́rọ́ kejì wà ní ọ́fíìsì mi!"

"Mo ti jù ú sínú kòtò ìdọ̀tí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, sà. Èyí tó so mọ́ ìṣó yín, ti ṣáláńgá ni."

Mánẹ́jà yíjú sí wẹ́dà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ṣáà gbọ́n ní tìẹ. Ṣí tìẹ, kí n mọ bí mo ṣe máa gba tirẹ̀."

Wẹ́dà fọwọ́ bo àpò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àpótí wo la fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò?"