Ta Ló Kọ G Sí Abala Kẹtàlélọ́gọ́ta?

Leopoldine Sedlak ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kì í bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì jáde láìmu kọfí. Láti ọdún méjìdínlógójì tó ti ń da orin kọ ní Vienna, ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ nìkan ló tíì jáde nílé láìmu kọfí.

Herr Lechthaler, ọ̀gá àwọn adàwékọ ní ilé ìtẹ̀wé orin tó ń gbé iṣẹ́ fún un, ló kọ lẹ́tà yẹn. Ó ní Herr Anselm Wottitz ti rí i pé ohùn kan ti yí padà nínú orin tuntun rẹ̀, èyí tó kọ fún ohun èlò olókùn mẹ́rin: fayolin méjì, fayolin àárín tó tóbi díẹ̀ jù wọ́n lọ, àti sẹ́lò tó ń dún nísàlẹ̀. Abala kẹtàlélọ́gọ́ta ni, ní ojú ìwé ẹni tó ń ta fayolin àárín. D ló yẹ kó wà níbẹ̀. G ni Leopoldine kọ. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ilé iṣẹ́ ò ní gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá.

Ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó kó ìwé kékeré kan tó ní èèpo dúdú sínú báàgì, ó wọ tíráàmù.

Kaspar Mlynek ló bá níbẹ̀, ó gbé àpótí fayolin rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Òun ló máa ta ipa àárín yẹn níwájú èrò nínú oṣù kọkànlá. Wọ́n ti pè é náà.

"Frau Poldi, wọ́n ní ẹ ti ń tún orin Wottitz ṣe."

"Má dá mi lẹ́jọ́, Kaspar," ni Leopoldine dáhùn.

"Ẹ bá mi tún èyí tó kù ṣe náà. Ìka ti ń ro mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Kaspar wo ojú rẹ̀, ó sì gbá àpótí rẹ̀ mú títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí Lechthaler kọ yẹn ló dùn ún jù, torí pé òótọ́ ni ẹ̀ẹ̀kìíní.

Ẹni tó bá ti kọ dò-rè-mí rí mọ̀ pé dò ni ilé. Tí èèyàn bá kọrin gòkè dé tí, ohùn keje, tó wá dúró síbẹ̀, ara gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ò ní balẹ̀ àfi tó bá wọlé sí dò. Gbogbo orin tí Leopoldine dà kọ nígbà tó wà ní ọmọge, bó ti wù kó rìn jìnnà tó, ilé ló ń padà bọ̀. Ohun tó fi ń mọ àṣìṣe nìyẹn. Tí òǹkọ̀wé orin kan bá ti sunkún sórí ìwé, tàbí tí oorun ń kùn ún, tó wá kọ ohùn tí kò mọ̀nà ilé, etí Leopoldine á gbọ́ ọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Á tún un ṣe. Àṣà iṣẹ́ wọn ni. Àwọn òǹkọ̀wé orin ńlá ńlá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn, wọ́n á fi àkàrà òyìnbó ránṣẹ́ ní Kérésì.

Ṣùgbọ́n orin ti ń rìn jìnnà jù. Ó ń kúrò nílé kan, ó ń wọ ilé míì, kí ó tó jókòó ó tún ti yà. Nígbà tó máa fi di pé ọ̀rúndún tuntun wọlé, èèyàn á jókòó gbọ́ orin fún wákàtí kan, kò ní rántí ilé tí wọ́n ti jáde mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Krall olóògbé ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń gbé ìwé wọn wá fún Leopoldine. Ìbéèrè kan náà ló wà níwájú wọn: ilé ti gbó, kí la fẹ́ ṣe?

Halmos, ọ̀kan nínú wọn, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sínú ìda lọ sí àwọn abúlé ní apá Hungary, ó ń gba orin ẹnu àwọn ìyá arúgbó. Orin wọn ní ilé, ṣùgbọ́n kò ní ohùn tí, ohùn keje tó máa ń ti èèyàn wọlé. Ó kàn ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni. Halmos fi ìyẹn kọ́ orin ńlá, kò sì jọ ti Krall rárá. Ẹ̀kejì, Rautter, sọ lẹ́yìn ogun pé ìrìnkèrindò tó gẹ́ẹ́. Ó padà sí ijó àwọn bàbá ńlá, gbólóhùn kéékèèké, ilé hàn kedere, ó wá da àwọn ohùn kíkan sí i bíi yanrìn nínú oúnjẹ. Leopoldine mọ bí wọ́n ṣe ń da ti àwọn méjèèjì kọ. Ilé ṣì wà níbẹ̀, ó kàn yí ilẹ̀kùn padà ni.

Wottitz, ẹ̀kẹta wọn, ní ilé ti wó, kí wọ́n yéé sunkún lé e lórí. Ní 1909 ó gbé orin mẹ́fà wá fún obìnrin akọrin kan, tí kò sí dò kankan nínú wọn. Leopoldine rí ohùn mẹ́ta tó dá a lójú pé àṣìkọ ni wọ́n, ó tún wọn ṣe, kò bèèrè. Nígbà ìdánrawò, Wottitz dá gbogbo àwọn olórin dúró, ó kọjú sí i níwájú ogójì èèyàn.

"Ìyáàfin, ojú yín ni mo ra. Mi ò ra etí yín. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ má ronú."

Leopoldine jẹ̀bi lọ́jọ́ yẹn, kò sì fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ra ìwé dúdú. Ohun tó bá rí tó mú un lọ́kàn, kò ní fọwọ́ kàn án, á kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti abala.

Ní ilé ìtẹ̀wé, Wottitz ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó tinrin, orí rẹ̀ ti pá. Lechthaler jókòó sẹ́yìn tábìlì.

"Frau Sedlak, ẹ jókòó."

"Mo fẹ́ dúró."

Wottitz ò fi ìbínú sọ̀rọ̀, ìyẹn ló tún bí Leopoldine nínú sí i. Ó ń ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí kò sí ilé, orin ò lè gùn. Kò sí ohun tó máa gbé e ró. Òun kọ àwọn kan tó parí kí ẹyin tó jinná, àwọn tó sì gùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ ewì ló fà wọ́n lọ́wọ́. Ọdún méje ni òun ò fi tẹ nǹkan kan jáde. Ó wá rí òfin kan. Ohùn méjìlá ló wà lórí dùùrù, funfun àti dúdú. Òun á tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ padà wá kí mọ́kànlá yòókù tó kọjá, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà di ọba. Òun lè ta ìtò yẹn látiwájú, látẹ̀yìn, tàbí kí òun dojú rẹ̀ dé, kí ibi tó ti ń gòkè máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tó dojú dé náà, òun lè tà á látẹ̀yìn. Òun sì lè bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí lórí ohùn tó bá wu òun.

"Mò ń múra láti ṣàlàyé orin yìí fún àwọn èèyàn, mo kà á, mo rí G. Sẹ́lò di C mú nísàlẹ̀ níbẹ̀. C àti G, dò àti sò, ilé tó pẹ́ jù láyé. Etí yín ló fà á wọlé, Ìyáàfin. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ẹ ti dàgbà."

"Ṣé ẹ ti tán?"

"Mo ti tán."

"Herr Lechthaler, ìwé tí ọwọ́ Ọ̀gá fúnra wọn kọ, tí mo wò dà á kọ, ẹ̀yin ni mo dá a padà fún. Ẹ bá wa gbé e jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ìwé tí mo kọ́kọ́ fi gbìyànjú ẹ̀ wà nílé mi," ni Wottitz sọ. "D ló wà níbẹ̀."

"Mi ò bèèrè ti ilé yín."

Bí Lechthaler ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́, Leopoldine ṣí ìwé dúdú, ó ń kà á sókè láìgbé ojú.

"Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, 1924. Abala kẹtàlélọ́gọ́ta, fayolin àárín. Ìtò náà ń bọ̀ látẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta jẹ́ G. Ẹ̀keje yẹ kó jẹ́ D, ó tún kọ G. D ò wá rárá. Mo kọ G bó ṣe kọ ọ́."

Wottitz yí ojú padà. "Ta ló sọ ìtò náà fún yín?"

"Mo kà á. Àbí ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ka nǹkan dé méjìlá?"

Kaspar wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀.

Lechthaler tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Abala kẹtàlélọ́gọ́ta, tàdáwà Wottitz, ìkọ̀wé rẹ̀ tó rí ṣóńṣó. G ni. Kì í sì í ṣe pé ọwọ́ yọ̀, torí D àti G jìnnà síra wọn lórí ìlà.

Lẹ́yìn náà Wottitz tẹ C lórí dùùrù, ó dì í mú, ó sì mi orí sí Kaspar. Kaspar gbé fayolin jáde, ó ta G. Ohùn náà jókòó lórí C bí ẹni tó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kaspar wá ta D. Èyí dúró lójú títì.

"Ọ̀gá," ni Kaspar wí, "èyí àkọ́kọ́ dùn o. Ẹ ò jẹ́ fi í sílẹ̀, ó ṣe tán, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"D ni," ni Wottitz dáhùn. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n. Ó kọjú sí Leopoldine. "Ẹ rí i láti oṣù kẹta. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ibí ni ohùn Leopoldine ti gòkè.

"Ẹ ní kí n má ronú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mi ò fi ronú fún yín. Ní ayé Krall, àṣìṣe ń pariwo fúnra rẹ̀, ọlọ́jà tó ń kọjá nísàlẹ̀ fèrèsé á gbọ́ ọ. Tiyín, ẹlòmíì ò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ ò gbọ́ ọ. Kaspar ti ń fi í dánra wò látọjọ́ yìí, kò gbọ́ ọ. Kíkà ló kù, èmi ni mo kà á, èmi náà lẹ wá pè lólè. Etí ta ló fà á wọlé?"

Wottitz mú pẹ́ńsù, ó fẹ́ pa G rẹ́.

"Ẹ dúró. Ẹ má tíì pa á rẹ́. Ẹ fi yíǹkì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣì í."

"Mo lè sọ ọ́ fún Lechthaler lẹ́nu."

"Ogójì èèyàn ló gbọ́ tèmi. Ẹ kọ ọ́."

Ó pẹ́ kí Wottitz tó ki kálámù bọ yíǹkì. Ó kọ ọ́: àṣìṣe mi ni, A. W. Lechthaler gba lẹ́tà tó kọ lọ́wọ́ Leopoldine, ó fà á ya, ó sì yọ ìdì ìwé míì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, orin tuntun Wottitz fún fèrè àti ohùn èèyàn.

"Ẹ máa mú èyí lọ, Frau Sedlak."

"Tí mo bá rí nǹkan, mo máa to wọ́n sórí ìwé, mo máa fi ránṣẹ́ kí n tó dà á kọ. Ọ̀gá á sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ojú míì."

"Tí wọ́n bá pọ̀ ńkọ́?" ni Wottitz bi í.

"Ẹ ò ní sùn."

Ó gbà. Kò tọrọ àforíjì, Leopoldine náà ò dúró dè é.

Nínú oṣù kọkànlá, ó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ìwé dúdú lórí itan rẹ̀. Àwọn kan ń pòṣé, àwọn kan tijú láti jáde. Ó ń ka àwọn abala. Nígbà tó di kẹtàlélọ́gọ́ta, sẹ́lò di C mú, Kaspar ta D, orin kọjá lọ. Ẹnì kankan ò mira. Ká ní G ni, bákan náà ni, ẹnì kankan ò ní mira. Ìbínú tó rò pé òun ti fi sílẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé tún ru sókè. Ó mú pẹ́ńsù, ó tẹ̀ ẹ́ débi tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ kán, ó kọ ọ́ sínú ìwé: 63, fayolin àárín, D, ó tọ̀nà.