Àsíátù Olówú Gbẹ̀san Lára Eku

Bí ẹ bá dé àdúgbò àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn, tí ẹ béèrè Àsíátù olówú, ọmọdé pàápàá á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń hun òfì ló ń tà, yàrá kan ṣoṣo tó háyà nílé Bàbá Samsudeen ló sì ń kó o sí. Kì í bá èèyàn jà. Ẹ má ṣáà ti fọwọ́ kan òwú rẹ̀.

Eku fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, Àsíátù tú àpò òwú pupa tí Olúsọjí ahunṣọ wá gbé. Eku ti gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n fi ṣe ìtẹ́, wọ́n sì bímọ sí i.

Olúsọjí mú díẹ̀ lọ́wọ́, ó wò ó. "Ìyá Waheedat, èyí ò ṣeé hun. Tó bá tún rí báyìí, ibòmíì ni màá ti máa rà."

Òwú yẹn ni Àsíátù fi ń tọ́ Waheedat ọmọ rẹ̀. Kò sunkún o, ẹ̀san ló ń rò.

Ó kọ́kọ́ lọ bá onílé, nítorí yàrá tó kángun sí tirẹ̀ ni Bàbá Samsudeen kó gbodo, iṣu gbígbẹ, kún dé àjà, tó ń dúró kó wọ́n kó tó tà á.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, gbodo yín leku ń jẹ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá ń sùn."

Bàbá Samsudeen ò tilẹ̀ yọ pákò lẹ́nu. "Ilé wo lo mọ̀ tí kò ní eku? Lọ ra ológbò."

Bó ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí Àsíátù da omi òjò inú àwọn táyà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ nù, torí ẹ̀fọn ń yé síbẹ̀. Bàbá ní kó fi táyà òun sílẹ̀, àwọn táyà sì tún gba omi. Àsíátù gbé e mì nígbà yẹn. Ó fi nẹ́ẹ̀tì bo dúrọ́ọ̀mù omi tirẹ̀, ó bu ìyẹ̀fun oògùn aáyán sí gbogbo ojú ihò ògiri, ó dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní dákẹ́.

Ó ra oògùn eku, ó pò ó mọ́ ẹja gbígbẹ, ó gbé e sókè àjà. Eku kú lóòótọ́, ibi tọ́wọ́ ò lè dé ni wọ́n kú sí. Òórùn wọn lé e síta, eṣinṣin kún yàrá. Kí òórùn ọ̀hún tó lọ tán, eku mìíràn ti dé. Gbodo ṣáà wà níbẹ̀.

Ló bá bu eérú, ó fọ́n ọn sílẹ̀ kó tó sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ wọn hàn ketekete lórí eérú: wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n sì gba ihò kan tó wọ yàrá gbodo. Àsíátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ki wáyà ìfọkòkò bọ ihò náà, ó fi sìmẹ́ńtì tó pò mọ́ àfọ́kù ìgò dí i. Ó kan páànù mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó kó òwú sínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí. Ó dẹ pàkúté sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tó bá sì mú, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e jù sí kòtò, pẹ̀lú èpè.

Eku ò rí ọ̀nà mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n bá kọjú sí ọ̀dọ̀ onílé. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ: wọ́n ti gé agbádá tí Bàbá Samsudeen fẹ́ wọ̀ lọ kírun Iléyá.

Àsíátù jáde, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Bàbá, ilé wo lẹ mọ̀ tí kò ní eku?"

Ó ti pẹ́ tó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́. Kò tíì gbádùn rẹ̀ tán tí Ìyá Àgbà, ìyá onílé, fi tẹ̀lé ògiri jáde. Ìyá yìí kì í ríran dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í kírun àárọ̀ kó má ṣàdúà fún Waheedat.

"Ọmọ mi, bá mi wo gìgísẹ̀ mi. Ó ń ta mí."

Ẹ̀jẹ̀ ni. Eku ti gé e jẹ lójú oorun.

Ẹ̀rín kú mọ́ Àsíátù lẹ́nu. Òun ló lé wọn síbẹ̀. Ó fi ọṣẹ àti omi fọ gìgísẹ̀ náà dáadáa, ó ní kí Samsudeen gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn kíá. Ó wá kọjú sí onílé.

"Sìmẹ́ńtì tèmi ni màá fi dí yàrá Ìyá. Ṣùgbọ́n gbodo yẹn á kúrò níbẹ̀ lónìí, inú dúrọ́ọ̀mù onídèérí ló máa wà. Ẹ̀yin lẹ máa rù ú."

Bàbá Samsudeen rù ú títí ọrùn fi ń dùn ún. Nígbà tó parí, Àsíátù nawọ́ sí àwọn táyà ẹ̀yìn fèrèsé. Bàbá gbé táyà àkọ́kọ́, omi ẹ̀fọn dà sí i lára látàyà dé ṣòkòtò. Àsíátù ń po sìmẹ́ńtì rẹ̀ lọ, kò fún un ní àkísà.