Eyín Dosi

Inú àgbàlá kan ní Imeke ni èmi àti Títílọlá jọ ń gbé. Yàrá mi kọjú sí tiwọn, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn tí n kì í gbọ́. Olùkọ́ ni Títílọlá, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Badagry. Jẹ́jẹ́ ni ó máa ń sọ̀rọ̀, ó sì lè mú ogójì ọmọ dákẹ́ láìgbé pàṣán. Ọmọ kan ṣoṣo tí apá rẹ̀ kò ká ni ọ̀kan nínú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ bí.

Ọmọ Ògù, àwọn tí à ń pè ní Ègùn, ni Rewájú, ọkọ rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ọkùnrin méjì tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Obìnrin ni ó tẹ̀lé wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Dosi. Àwa là ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ìdòwú, ẹ sì mọ ohun tí à ń sọ nípa rẹ̀: Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì. Èmi náà wí i, n kò ní purọ́. Gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn bá ti yíra mọ́lẹ̀ ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, tí mo máa ń ní, "Ìdòwú náà nìyẹn, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Ìyá Rewájú, tí ó ń gbé ní Gbaji, kò fi tirẹ̀ ṣe ẹ̀rín rárá. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ó ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ du Dosi ní ohun tí ó bá fẹ́. Bí ó bá ti ké, kí wọ́n tètè fún un. Gbogbo ilé gbà. Àwọn ìbejì ń jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù wọn, Títílọlá ń sáré wá bisikíìtì. Rewájú ní tirẹ̀, bó bá ṣe bá a lára mu ni: lónìí á rẹ́rìn-ín, lọ́la á gbá a lọ́wọ́. Ọmọ náà kò mọ èyí tó kàn. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta, eyín rẹ̀ dé ara wa. Ó gé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ, ó gé èmi náà jẹ lójú ọrùn ọwọ́, níbi tí mo ti ń wọn gígùn rẹ̀ fún aṣọ ọdún Àjíǹde.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n pe Títílọlá lórí fóònù láti jẹ́lé-ó-sinmi. Dosi ti gé Aaliyah, ọmọ Nùrúdíìnì, jẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo tẹ̀ lé e lọ. Eyín kò wọ inú ẹran, àmọ́ ojú eyín náà pọ́n roboto sábẹ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ. Nùrúdíìnì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó gé ọmọ mi jẹ, ìyá Dosi," ni ó wí. "Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí á fi ibí sílẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi."

Kí a tó délé, wọ́n ti pe Rewájú náà, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀. Màmá ní òun ń bọ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé Sátidé tó ń bọ̀, òun á mú Dosi lọ sí Gbaji. Ó ní ata lòún fi wo ẹnu Rewájú sàn nígbà tí òun náà ń gé èèyàn jẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, àná kọ́ ni òún ti ń tọ́mọ.

Ata. Lẹ́nu ọmọ ọdún méjì. Títílọlá jókòó sórí àga mi. Ó ní òun ti rí i rí ní ilé-ìwé, ọmọ tí wọ́n fi ata sí lẹ́nu tí ó bá ọ̀fun lọ, tí èémí kò já gaara mọ́. Ẹ̀rù bà mí fún un. Ta ni yóò dá ìyá ọkọ lẹ́kun? Rewájú kì í sọ pé rárá fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Màmá Ọlọ́ládé tó ni jẹ́lé-ó-sinmi náà ni ó padà sí. Àgbà olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ènìyàn lágara. Ó ṣí ìwé tí ó ń kọ nípa Dosi hàn án. Nínú ìgbà mẹ́fà tó gé ẹnìkan jẹ, márùn-ún jẹ́ kí ó tó sùn lọ́sàn-án, tí ẹnìkan sì ti já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èṣù kankan kò sí níbẹ̀," ni Màmá Ọlọ́ládé wí. "Oorun ń kùn ún, kò sì tíì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Eyín rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ gé èèyàn jẹ, fi ọwọ́ dí i. Bó bá ti gé èèyàn jẹ, tọ́jú ẹni tí ó gé jẹ ná. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, kó rí ojú rẹ: 'Rárá. A kì í gé èèyàn jẹ. Ó ń dunni.' Ó tán. Má pariwo, má gbá a, má sì gé e jẹ padà. Kọ́ ọ ní ohun tó lè wí dípò rẹ̀: 'tèmi ni.' Bó bá yíra mọ́lẹ̀, jókòó tì í kó má ṣèṣe, ṣùgbọ́n ohun tó torí rẹ̀ ké, má fún un. Kí gbogbo ilé ṣe bákan náà. Á kọ́kọ́ le sí i o, kí ó tó rọ̀. Kí ẹ̀rù má bà ọ́."

Ẹ̀rù bà á ṣá. Ó le lóòótọ́! Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ké nítorí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó iṣu. Àwọn aládùúgbò ń yọjú. Ó ń ṣe mí bíi kí n ju bisikíìtì sí i kí etí mi lè sinmi, mo sì rí i pé ohun tí gbogbo wa ti ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Títílọlá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta sábẹ́ ahọ́n. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń kà kí ọwọ́ òun má baà gbéra ni. Kì í ṣe ìyá ọkọ nìkan ni ó ń bẹ̀rù, ó ń bẹ̀rù ara rẹ̀.

Wọ́n ń mú un sùn kí oorun tó kùn ún. Àwọn ìbejì kọ́ láti má jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù. Rewájú ṣe tirẹ̀ láìfi gbogbo ọkàn sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, igbe náà ti ń kúrú, Dosi sì pariwo "Tèmi!" lẹ́ẹ̀mejì láìya ẹnu sí ẹnikẹ́ni. Kò tíì tó. Ọjọ́ méjì ló kù kí ìyá Rewájú dé.

Ó dé ní òwúrọ̀ Sátidé pẹ̀lú ẹja àti báàgì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, fún ẹrù ọmọ. Bí ó ti jókòó ti ọlọ tó ń lọ ata ọbẹ̀, Dosi rí fóònù rẹ̀ lórí àpótí. Ó nawọ́. Títílọlá gbé fóònù náà sókè. Ọmọ náà ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ lulẹ̀, igbe náà sì gba gbogbo àgbàlá.

"Fún un!" ni Màmá wí. "Ovi, ọmọ mi náà nìyẹn! A kì í dá Dosi lẹ́kun, o fẹ́ kí ó kú sọ́wọ́ rẹ ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ké." Títílọlá bẹ̀rẹ̀ láti gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ǹtì tó mú. Bí ó ti fọwọ́ kàn án ni Dosi fi eyín mú un lápá, kò sì tètè fi sílẹ̀. Mo rí ẹ̀jẹ̀.

Mo rí ọwọ́ kejì Títílọlá náà. Ó gbéra. Ó dúró lókè. Mo dìde lórí àga. Nígbà náà ni Màmá dìde láti ibi ọlọ, ata pupa kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà.

Títílọlá sọ ọwọ́ tó gbé sókè kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá ọkọ rẹ̀, ohun tí mi ò rò pé ó lè ṣe láéláé, ó sì wo ojú ọmọ.

"Rárá. A kì í gé èèyàn jẹ. Ó ń dunni." Kò gbé ohùn sókè.

"Kúrò níbẹ̀!"

"Màmá, ẹ má bínú. N kò ní kúrò."

Rewájú jáde láti inú ilé. Ó wo ata, ó wo ẹ̀jẹ̀ lápá ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó yàgò. Kò sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà fi ata sí mi lẹ́nu, Màmá," ni ó wí. "Mi ò tún gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ǹjẹ́ ẹ rántí ìgbà tí mo tún sunkún wá bá yín?"

Màmá rọra padà jókòó ti ọlọ. Gbogbo wa dúró, ọmọ náà ń ké, kò sì sí ẹni tó fún un ní fóònù. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Igbe di ìmí ẹ̀dùn, ìmí ẹ̀dùn di òsúkè. Títílọlá na apá tí kò ṣèṣe, ó ní, "Inú bí ọ. O fẹ́ fóònù. Wá." Dosi wá fún ìgbà díẹ̀, ó nu imú mọ́ aṣọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó tọ ìyá àgbà lọ, ó sì gbé orí lé itan rẹ̀.

Màmá na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n mú níbi tí kò yẹ, kí ó má baà kan ojú ọmọ náà. Ata ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e mọ́ra, gbogbo ara rẹ̀ ni ó fi ń wá ọ̀nà, kò sì lè fọwọ́ kàn án.

"Ẹ bá mi bu omi," ni ó ń wí, omijé ń bọ́ sórí ọmọ náà. "Ẹ bá mi bu omi àti ọṣẹ. Ẹ ṣe kíá, kí ó tó dìde lórí itan mi."