Àsmá'ù àti Wákàtí Tó Máa Ń Jí

Bí ìrìn àjò yín bá gba ìlú méjì mẹ́ta kọjá, Àsmá'ù lẹ máa wá bá ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìwó. Èmi Mùínàt ń ránṣọ lápá kan, òun ń to ìrìn àjò lápá kejì. Àtẹ ló máa ń tẹ̀ fún yín lórí bébà, ìlà kan láti ìlú dé ìlú: aago tí ẹ máa gbéra, ohun tí ẹ máa wọ̀, iye owó, ibi tí ẹ máa sùn.

Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ó mọ̀ pé ará Ìwó ò lè jáde nílé láìkí gbogbo àdúgbò tán. Ọkọ̀ tó bá máa gbéra láago méje, mẹ́fà ló máa kọ, á ti jí wákàtí kan síbẹ̀. Gbogbo èèyàn ti mọ̀.

Ààfáà Sàlàkọ́ nìkan ni ò mọ̀. Nígbà tó lọ Ìlọrin, wákàtí kan gbáko ló fi jókòó ní gáréèjì. Ó padà wá fárígá. "Irọ́ lo kọ fún mi, Àsmá'ù! Àgbà bíi tèmi!" Àsmá'ù kúnlẹ̀, ó búra pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí i mọ́.

Ló bá kan ti Kàdúná. Ẹ̀gbọ́n Ààfáà, Àlàájà Nàfísátù, ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kanra, ẹsẹ̀ Àlàájà ò sì gbé ìrìn àjò mọ́. Ohun tí Àsmá'ù kọ nìyí: aago mẹ́fà, takisí tí wọ́n dá gbà, láti Ìwó dé pápákọ̀ òfuurufú Alákìá n'Ìbàdàn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlógójì náírà. Aago mẹ́sàn-án, bàálù lọ Àbújá, hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ojú irin lọ Kàdúná. Ibi tí Ààfáà máa sùn: ilé Àlàájà. Bàbá fìka tọ́ ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni gbogbo aago yẹn. Àmọ́ Ààfáà ni Àsmá'ù búra fún, kò búra fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí takisí dé, Ìyá Fàtímọ̀, ìyàwó Ààfáà, ní kí dẹ́rẹ́bà jókòó jẹun. "Ẹ fara balẹ̀, Ààfáà. Àsmá'ù ti jí wákàtí kan síbẹ̀." Ọkọ gba ìyàwó gbọ́. A ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí Àsmá'ù pè wọ́n.

"Ẹ ti dé ibo, sà?"

"A ń jẹ àkàrà."

Igbe tó ké! Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀yin Ààfáà, òótọ́ ni mo kọ! Wọ́n máa ti káńtà kí bàálù tó gbéra o!"

Ó jókòó sílẹ̀, ẹkún dé. Ó ní irọ́ òun ni ò ní jẹ́ kí bàbá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, ni mo bá pariwo mọ́ ọn pé kó dákẹ́ ẹnu, kó gbàdúrà. Nígbà tó yá, fóònù dún. Ààfáà ni wọ́n gbà wọlé kẹ́yìn. Ààyè tí Àsmá'ù fi sílẹ̀ láàárín takisí àti bàálù ló yọ wọ́n. Mo jó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Ọjọ́ kẹta, Ààfáà tún pè. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá arúgbó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín tó ti fẹ́ di ẹkún.

"Àsmá'ù, ìlà ìkẹyìn tó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n, sà? Kí ló ṣe é?"

"Bá mi jí ọ̀sẹ̀ kan síbẹ̀."