Ìyá Gbé-e-mì àti Oògùn Baba Aláago

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ìyá Gbé-e-mì, fèrèsé ló ń bá jà. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, gbogbo wa tí a wá gba ìtọ́jú sì fún mọ́ra nínú yàrá ìdúró bí ẹja inú agolo, ilẹ̀kùn ní títì, fèrèsé ní títì. Ó wọlé, kò tíì kí ẹnikẹ́ni kó tó fi ìbàdí ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fa fèrèsé náà títí tó fi ké, tó sì ṣí. Ìgbà náà ló tó kí wa. Ó ní kí a má bínú, pé afẹ́fẹ́ ni nọ́ọ̀sì àgbà nílé ìwòsàn yìí, igbákejì rẹ̀ lásán ni òun.

Ikọ́ ife ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní in ló ń tọ́jú, àwọn tó ń bá wọn gbé ló ń yẹ̀ wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń ṣe é, láti ojúlé dé ojúlé, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe ládùúgbò fi máa ń ṣàdúrà fún ẹ̀mí gígùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ ibi tó ti wá. Kì í fi oògùn léni lọ́wọ́ kó yíjú padà. Yóò bu omi, yóò dúró, yóò ní, “Ẹ gbé e mì.” Bí o bá ti gbé e mì, yóò ní kí o la ẹnu, kí o gbé ahọ́n sókè, bí ẹni ń wá ẹyọ owó tó bọ́ sábẹ́ àga. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò bá wọn jà. Ó ní orúkọ tó ń bá òun ṣiṣẹ́ dára ju èyí tó kàn ń bá òun sùn lọ.

Nínú gbogbo àwọn tó tọ́jú, kò sí èyí tó ti ara rẹ̀ kọ́gbọ́n tó Baba Aláago. Ọkùnrin náà ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, awò kékeré lójú ọ̀tún, èémí dídá dúró lẹ́nu. Kì í ṣí fèrèsé láéláé. Atẹ́gùn díẹ̀ tó bá wọlé lè gbé ìṣó aago tí kò tó orí kòkòrò lọ, eruku tó bá sì bọ́ sínú aago tí a ti tú, ìyà ni. Nínú afẹ́fẹ́ tí kò lọ tí kò bọ̀ yẹn ló ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ tó pọ̀, tó ń rù, tí òógùn ń bò ó mọ́jú, tó sì ń di gbogbo ẹ̀bi ru eruku. Ìgbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ikọ́ ife ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ìyá Gbé-e-mì bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe. Baba Aláago dì mọ́ tábìlì rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ fẹ́ dojú dé. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó ṣàlàyé fún un pé bí ẹni tó ní ikọ́ ife bá wúkọ́ tàbí tó bá ń sọ̀rọ̀, kòkòrò náà a bá èémí rẹ̀ jáde, yóò sì máa fò kiri nínú yàrá tí a sé, títí ẹlòmíràn yóò fi mí i símú. Kì í ṣe abọ́ ló ń gbé e, kì í ṣe ọwọ́ bíbọ̀, kì í ṣe aṣọ. Ó wá ní kí ó wá ife onígíláàsì mélòó kan, kí ó máa dojú wọn dé orí aago tó bá ti tú. Láti ọjọ́ náà, fèrèsé ṣí, àwọn aago sì ń gbé abẹ́ ife bí òròmọdìyẹ abẹ́ agbọ̀n.

Oògùn ló kù. Hóró mẹ́rin láràárọ̀, kó tó jẹun, fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, oríṣi mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ fún oṣù mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa wò ó bó ṣe ń lò ó. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ kó tó jáde. Ìyá ìyàwó ló wà nílé, onídìrí àgbà, obìnrin tí ojú rẹ̀ le bí ojú ọ̀gá ilé ìwé. Ìyá Gbé-e-mì rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní bí irú ojú yìí bá wo oògùn, oògùn fúnra rẹ̀ yóò gbé ara rẹ̀ mì.

Ó ti bi gbogbo ará ilé pé ta ló ń wúkọ́. Ìyá onídìrí ní, “Èmi kẹ̀? Ọ̀tá mi ni yóò wúkọ́.” Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gba oògùn ìdènà. Gbogbo nǹkan ń lọ létòlétò.

Nọ́ọ̀sì a yà wọ́n wò, a bi Baba Aláago bóyá ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí omi ọsàn, nítorí oògùn yẹn a máa pa ìtọ̀ láró. Bàbá a ní ó pọ́n. Òótọ́ ni, ó pọ́n. Ikọ́ rẹ̀ ń rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ò sanra tó bí ó ti yẹ. Nígbà tí oṣù méjì pé, wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ ṣètìjú.

Inú Ìyá Gbé-e-mì bàjẹ́. Kòkòrò tí oògùn bá kàn lù láìpa, ó lè kọ́ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́. Bó bá ti kọ́ ọ, oògùn tí a mọ̀ kò ní ká a mọ́. Èyí tó le, tó gùn, tó ń fìyà jẹ ara ni aláìsàn yóò máa lò, bákan náà sì ni ẹni tó bá kó o lára rẹ̀. Ó rán kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà lọ síbi ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá oògùn ṣì ń ká kòkòrò náà. Kí èsì tó dé, ó jí ní kùtùkùtù, ó sì gba ilé Baba Aláago lọ láìránṣẹ́ sí wọn.

Ó bá bàbá àti ìyá onídìrí níbi tábìlì. Ó kí wọn, ó jókòó, ó ní òun kò wá bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Bàbá tú oògùn sí àtẹ́lẹwọ́. Ó kó hóró méjì sẹ́nu, ó mu omi, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ na hóró méjì tó kù sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, láìronú, bí ọwọ́ ṣe ń na iyọ̀ síni nídìí oúnjẹ. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá sì ti ṣí sílẹ̀, ó ń dúró dè é.

Gbogbo wọn wo ọwọ́ méjèèjì. Kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀ kúrò.

“Màmá,” ni Ìyá Gbé-e-mì wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ọ̀tá yín ti ń wúkọ́ láti ìgbà wo?”

Ìyá onídìrí wolẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè. Ó ní òtútù ni òun kọ́kọ́ pè é. Bó ṣe ń le sí i, òun rò ó pé bí òun bá lọ sí ilé ìwòsàn, àdúgbò yóò gbọ́. Ta ni yóò tún gbé orí rẹ̀ fún onídìrí tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀? Àna òun rí i pé ara ń ni òun, ó sì ní kí àwọn jọ pín oògùn náà.

Bàbá ní, “Nọ́ọ̀sì, àna mi ni. Ṣé kí n máa gbé oògùn mì lójú ìyá tó fún mi níyàwó, kí n má fi lọ̀ ọ́?”

Ìyá Gbé-e-mì ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ó bi í pé, “Bàbá, bí oníbàárà méjì bá gbé aago wá, tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ eléyín kan ṣoṣo lẹ ní tí yóò wọ inú wọn, ṣé ẹ ó là á sí méjì, kí ẹ fún wọn ní ààbọ̀ ààbọ̀?”

Baba Aláago gbọ̀n rìrì, bí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ òdì létí rẹ̀. Ó ní kò sí èyí tí yóò rìn nínú aago méjèèjì, àti pé kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ti bàjẹ́.

“Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyà yín nìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì. Ikọ́ ń rọlẹ̀, kòkòrò ń kàwé.”

Ó ní kí Màmá wọ bàtà. Ìyá ní òun kò tíì wẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò kì í gbóòórùn. Ìyá ní kí àwọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ, kí àwọn oníbàárà òun má baà rí àwọn. Nọ́ọ̀sì ní ó dára, àmọ́ kí Màmá mọ̀ pé bí obìnrin tó ga bí òpó bá ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àdúgbò ni yóò jáde wá wòran. Ìyá rò ó wò, ó sì gba ojú títì, orí sókè, ó bo imú àti ẹnu. Ohun tó sọ fún àwọn tó bá pàdé ni pé òun ń sin nọ́ọ̀sì délé, nítorí nọ́ọ̀sì ò mọ̀nà.

Wọ́n bá kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ náà. Fún ọjọ́ mélòó kan, Ìyá Gbé-e-mì kò gbádùn oúnjẹ, títí èsì ẹ̀rọ fi dé. Oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lára àwọn méjèèjì. Dókítà ní kí Baba Aláago tún bẹ̀rẹ̀ oògùn oṣù mẹ́fà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ìyá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kí olúkúlùkù ní páálí oògùn tó jẹ́ tirẹ̀, kí ìyá sì fi irun dídì sílẹ̀ títí wọn yóò fi ní kí ó padà síbẹ̀. Wọ́n tún ọmọ kékeré yẹn yẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó ń bá oògùn ìdènà rẹ̀ lọ.

Ìyá Gbé-e-mì fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣe é lọ. Ó ní òun fi ológbò ṣọ́ ẹja, òun tún ń yin ológbò pé ojú rẹ̀ le. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ fi ẹnìkan ṣọ́ aláìsàn, ẹni náà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ìtọ̀ nìkan mọ́. Ó ní ìtọ̀ a máa sọ pé oògùn wọlé, kì í sọ iye tó wọlé.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń ṣọ́ àna àti ìyá àna, láràárọ̀, lórí àga gbọọrọ tó wà ní ìta ilé ìwòsàn. Ìyá a máa ka hóró tó wà lọ́wọ́ bàbá, bàbá a máa ka tìyá. Lọ́jọ́ kan tí bàbá fẹ́ dọ́gbọ́n sọ pé ara òun ti yá, pé kí àwọn fi í sílẹ̀, ìyá onídìrí kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

“Ọkọ ọmọ mi,” ló wí, “gbé e mì. Kí o sì la ẹnu.”

Àwọn méjèèjì lo oògùn parí, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn ò bá kòkòrò kankan mọ́. Ìyá onídìrí ti padà sídìí irun. Ìta gbangba ló ti ń dì í báyìí, lábẹ́ ibòòji. Ìyá Gbé-e-mì ṣì wà nílé ìwòsàn kan náà, ó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ní yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé méjì ló wà níbẹ̀, kì í sì í ti ìkankan.