Bátìrì Tí Mo Pè Ní Òkú

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní àdúgbò Hanoukopé mọ̀ pé ọwọ́ mi yá ju ẹnu mi lọ. Mo ti gbá ọlọ́kadà kan létí rí nítorí pé ó fi táyà gun páálí ẹja mi. Mo ti da omi yìnyín lé obìnrin kan lórí láàárọ̀ kùtù, nítorí ó ní ọjà mi ń rùn. Ẹja dídì ni mò ń tà. Fírísà mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń jẹ sì wà nínú wọn. Bí kúrán, iná ìjọba, bá ti lọ, tí ó pẹ́ kó tó dé, ẹ̀jẹ̀ mi á máa hó. N kò sọ èyí láti fi bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kó yé yín pé ohun tí mo ṣe sí ọwọ́ àbúrò mi kì í ṣe àṣìṣe ẹni tí kò bínú rí.

Túbúlà méjì ni mo kọ́kọ́ rà fún ínfátà mi, ẹ̀rọ tó ń fa iná láti inú bátìrì nígbà tí kúrán bá lọ, ní ọjà Adawlato, lọ́wọ́ bàbá kan tó jẹ́ ará ilé wa. Bátìrì ńlá tó wúwo bí òkúta, olómi, tí wọ́n ń ṣí ìdérí orí rẹ̀ bu omi sí. Bàbá náà ní, "Màmá, bátìrì àwọn àgbà nìyí. Ẹ má jẹ́ kómi rẹ̀ gbẹ. Omi bátìrì ni kẹ́ ẹ máa rà fún un o, kì í ṣe omi ẹ̀rọ." Kò purọ́. Tíṣà tó ń gbé ilé kejì sí mi, ọmọ Atakpamé, ra irú rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ bàbá kan náà. Gílóòbù àti fáànù nìkan ló ń lò ó fún, tirẹ̀ sì ti wọ ọdún karùn-ún.

Tèmi kò pé ọdún méjì. Lójoojúmọ́ ni mo ń fà á gbẹ. Nígbà ooru, kúrán lè wá fún wákàtí mẹ́rin péré kó tó tún lọ, bẹ́ẹ̀ túbúlà kì í mu nǹkan kíákíá. Ó tó bí wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yó. Tèmi kì í yó. Ebi ọjọ́ Ajé ni ó fi ń bá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó fi ń bá Ọjọ́rú, títí èépá fi dì mọ́ òjé inú rẹ̀, tí kò lè gba iná mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ tán, ó ń hó, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ásíìdì rẹ̀ sì jẹ ìró mi ní ihò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà rere rẹ̀ kan: kì í kú láìwí. Gílóòbù á kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, fáànù á máa lọ́ra, ínfátà á máa ké. Ẹni tó bá létí á ti gbọ́.

Mo lọ bá bàbá náà ní Adawlato, mo fún un lọ́rùn aṣọ. Fìlà rẹ̀ já bọ́, bọ́tìnì méjì já, àwọn obìnrin aláṣọ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún un ló pa á, kì í ṣe èmi." Mo bú u délé. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù, oníná ni. Ilé àwọn èèyàn ní Amoutivé ló ti ń so ínfátà. Òun ló ní kí n fi túbúlà sílẹ̀, kí n ra lítíọ́mù.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín wúwo ju túbúlà lọ," ó ní. "Lítíọ́mù, wákàtí mẹ́ta mẹ́rin tí kúrán bá fi wà, ó ti yó. Ẹ lè fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá."

Mo bi í pé èèyàn mélòó ló fẹ́ kí n jà lólè kí n tó rí owó rẹ̀. Owó lítíọ́mù kan yìí ju owó túbúlà méjì lọ ní ìlọ́po méjì àti nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ó ní kí n ṣírò túbúlà tí mo máa sin láàárín ọdún mẹ́wàá. Mo ṣírò ó. Ni mo bá ta ẹ̀gbà wúrà ìyá wa. Òun náà fọwọ́ sí i, nítorí ìyá àwa méjèèjì ló ni ín.

Kí n má purọ́, mo gbádùn ẹ̀. Kò gba omi, kò rùn, odindi rẹ̀ sì fúyẹ́ ju túbúlà kan ṣoṣo lọ. Kúrán á wá ní ọ̀sán, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kún. Yálà ó kún ni o, yálà ó kù díẹ̀ kó tán ni o, bákan náà ni fáànù ń yí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú: ínfátà máa ń pa iná nígbà tí ó hàn lójú rẹ̀ pé nǹkan ṣì kù nínú bátìrì. Àbúrò mi ti sọ fún mi pé òun ló yí ínfátà sí ètò ti lítíọ́mù, tó ń pa á bẹ́ẹ̀, kí bátìrì má baà gbẹ kanlẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Lójú tèmi, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò nígbà tí ebi ń pa ọmọ. Mo ti rí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́ padà sí ètò ti túbúlà, tó ń jẹ́ kí bátìrì gbẹ sí i kó tó pa iná. Mo rí bí wákàtí kan gbà lé e, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo ilé Kírísítẹ́nì ló ń wá ẹja fún Ẹtì Rere, fírísà mi kún dé ìdérí. Kúrán lọ ní Ọjọ́rú, kò padà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fáànù ń yí dáadáa lórí mi, n kò rí àmì kankan. Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tó yá, kúrán yọjú, fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ṣùgbọ́n ínfátà ń kọ ọ́ sójú pé òun kò rí bátìrì. Kò tó wákàtí kan, kúrán tún lọ, ilé parọ́rọ́.

Mo pe àbúrò mi. Ó wà níbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìlú. Ó ní, "Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u o." N kò lè dúró. Mo gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ránṣẹ́ sí bàbá Adawlato tí mo ti fún lọ́rùn. Ó wá. Ó fi tẹ́sítà rẹ̀ tó fi ń wọn iná kan orí méjèèjì tí bátìrì náà ní, ó fi hàn mí.

"Òdo," ó ní. "Túbúlà tó bàjẹ́ gan-an ṣì máa ń mú nǹkan wá. Èyí ò mú nǹkan kan wá. Màmá, ó ti kú."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bóyá kò mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín. Mo ṣí fírísà, ẹja tó wà lókè ti rọ̀, omi ẹ̀jẹ̀ ń sun nínú páálí. Mo ronú kan ẹ̀gbà ìyá wa. Irin tí mo fi ń fọ́ ẹja dídì ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń fi í fọ́ páálí tí kò gba fífọ́, kí n ṣáà máa lu nǹkan.

Bí àbúrò mi ṣe wọlé nìyẹn, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀, àpò irinṣẹ́ wà léjìká. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú ínfátà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yíjú sí mi lójú bàbá náà àti lójú àwọn oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló yí i padà sí túbúlà?"

Èmi ni. Èmi ni mo yí i, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ tó béèrè. Ká ní ẹlòmíì ni, bóyá n kì bá tí lù ú. Ó nawọ́ sí bátìrì, mo gbé irin náà sókè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Mo gbọ́ ìró egungun náà. Mo tún lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ ọ. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, torí pé ti àkọ́kọ́ ìbínú ni, ti ìkejì mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú omi ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ọwọ́ tẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò kú. Ó sùn ni."

Tíṣà ló gbé e lọ sí kílíníìkì. Èmi ò lọ. Mo dúró ti ẹja.

Kúrán padà ní ìrọ̀lẹ́. Tíṣà náà padà dé, ó ní wọ́n ti ń fi símẹ́ǹtì di ọwọ́ náà, ó sì ní àbúrò mi kò gbà kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kó tó rán òun níṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ náà nìyí: ọpọlọ kékeré kan wà nínú lítíọ́mù tó ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá fà á gbẹ jù, ọpọlọ yẹn á ti ilẹ̀kùn pa, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, òdo ni tẹ́sítà máa rí. Ínfátà náà kò ní rí bátìrì, kò sì ní lè fún un ní nǹkan. Bátìrì mìíràn ló gbọ́dọ̀ jí i.

Tíṣà gbé túbúlà rẹ̀ méjèèjì wá. A so wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí àbúrò mi ṣe wí, a fi wáyà tó nípọn so wọ́n mọ́ lítíọ́mù, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù sí nẹ́gátíìfù. Kò pẹ́, tẹ́sítà inú àpò irinṣẹ́ àbúrò mi kúrò lórí òdo. A yọ wáyà, mo yí ínfátà padà sí ètò ti lítíọ́mù, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Mo jókòó síbi tí àbúrò mi jókòó sí, mo sunkún. Ìdajì ẹja ló bàjẹ́. Mo yan ìyókù, mo tà á.

Wọ́n tú símẹ́ǹtì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Kò lè di irinṣẹ́ mú, kò lè fún wáyà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amoutivé ti ń pe ẹlòmíì.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan láti wo bátìrì. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ ínfátà, ó ní ó dára, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n dìde, àwọn èèyàn ń wò. N kò dìde. Ó sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè.

"Bàbá oníbátìrì lẹ bi," ó ní. "Tẹ́sítà lẹ bi. Èmi náà wọlé, mo dúró síwájú yín, ẹ ò bi mí."

Fírísà mẹ́ta ń kùn lẹ́yìn wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí ó fi lọ.