Ìwọ̀ Ẹja àti Igi Tó Ru Ẹrù

Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ bá ti rí lẹ́ẹ̀kan, ó di tirẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun náà ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Ẹnu-ò-sinmi, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Tíṣà ní yóò tún kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi kà, torí kò tíì lè kọ nǹkan kan.

Tíṣà ṣí ìwé ọmọ náà, tó dúró tì wọ́n, ó fi bírò pupa tọ́ka sí i. "Ẹ wò ó, Mà. Mo ní kó kọ 'ilé', ó fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ kárí ojú ewé."

Ìyá Àgbà fa páálí bisikíìtì kan tí ọmọ náà ti kọ nǹkan sí yọ nínú ìró rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí," ni ìyá ọmọ sọ. "Jágajàga nìyẹn."

"Ṣé jágajàga ló ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí? Lánàá mo pàlọ́ Ìjàpá fún un. Ó ní òun á kọ ọ́, kí n má baà gbàgbé. Ẹ wo ìwọ̀ ẹja yìí, àti igi tó ru ẹrù sórí yìí. Gbogbo ibi tí ọkọ Yánníbo bá ti wọ ìtàn ni wọ́n wà!"

Tíṣà tẹ̀ ba páálí. J àti P ni! P kẹta kọjú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n P ni.

"Ì-jà-pá!" ni Tíṣà pariwo. "Ẹnu-ò-sinmi, kà á fún mi."

Ọmọ náà fi ìka tọ ìlà láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó kà á láìfo ọ̀rọ̀ kankan.

"Bó ṣe kà á fún mi láàárọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn!" Ìyá Àgbà ti ń jó níjòókòó.

Tíṣà fún ọmọ ní ewé tuntun. "Kọ 'màlúù'."

Ẹnu-ò-sinmi pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́ sí etí ara rẹ̀: mà... lúù... Ó kọ M. Ó tún un pè, ó kọ L, ó wá kọ U ràgàjì kan.

"Kò wò ó lára pátákó o!" ni Tíṣà wí. "Etí ló fi ń wá a. Èyí tó bá gbọ́ ló ń kọ. Ìyókù ń bọ̀ lọ́nà." Ó yára ṣí ìwé àkọ́kọ́ padà. "Èyí tí mo fagi lé yìí ńkọ́?"

"Ilé wa ni. Ó gùn torí a pọ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa ìyá ọmọ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà kọ ohun tí ọmọ sọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, ó fi ọjọ́ sí i. "Mo jẹ̀bi, ọ̀rẹ́ mi. Wàá bá ẹgbẹ́ rẹ lọ sí kíláàsì kìn-ín-ní."

Ẹnu-ò-sinmi na bírò sí ìyá ìyá rẹ̀. "Ó kan yín."

"Èmi kẹ̀?" Ìyá Àgbà gba bírò, ó fa ìwọ̀ kan, ó fa igi kan tì í.

Ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò bí ọ̀gá. "Ó dáa, Ìyá Àgbà. Ó ku ẹrù orí rẹ̀."